Ìgbà Tó Yẹ Ká Méfò àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Fi Àyè Sílẹ̀

 

Mẹ́rin la wà ní yàrá wa ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, kọ́ọ̀sì kan náà la sì jọ ń ṣe. Ní ọdún kejì wa, a ṣe ìdánwò kan tó jẹ́ pé ọbijẹ́tíìfù ni gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè àádọ́ta ni, ìdáhùn márùn-ún, láti A dé E, ló sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó o bá gbà á, o ní máàkì kan. Tó o bá ṣì í, wọ́n á yọ 0.25 kúrò nínú èyí tó o ti ní. Tó o bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò ní fún ọ, wọn ò sì ní yọ ọ́. Máàkì 25 lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè yege.

Nígbà tí èsì jáde, méjì nínú wa yege, méjì fìdí rẹmi. Ọ̀kan ní 24.25. Èkejì ní 21.25. Ẹni tó ní 24.25 kò jẹun lọ́jọ́ náà, nítorí ohun tí kò tó máàkì kan ló fi pàdánù. A ò mọ ohun tá a lè sọ fún un, a kàn jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a mú ìwé ìbéèrè jáde. Wọ́n ti gbà wá láyè láti mú un lọ lẹ́yìn ìdánwò, olùkọ́ náà sì ti ka àwọn ìdáhùn tó tọ̀nà sí wa létí ní kíláàsì. Gbogbo ibi tá a ti fi pẹ́ńsùlù fa ilà ló ṣì wà níbẹ̀, torí náà a lè mọ ohun tí kálukú ṣe níbi ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹni àkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè 28 péré. Ó gba 25, ó ṣi mẹ́ta. Máàkì 0.75 ni wọ́n yọ fún ti mẹ́ta náà, ló bá ku 24.25. Ó fi 22 sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, torí ẹ̀rù ìyọmáàkì ń bà á. Ohun tó wá dùn wá ni pé nínú 22 yẹn, a rí méjìlá tó ti fi pẹ́ńsùlù fagi lé ìdáhùn méjì méjì. Ó ti mọ̀ pé méjì nínú márùn-ún kì í ṣe é. Mẹ́ta ló kù tí kò mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn, ló bá kọjá lọ.

Ẹnì kejì ṣe òdìkejì rẹ̀. Gbogbo àádọ́ta ló dáhùn. Ó mọ 26 nínú wọn dáadáa, ó gba 24 níbẹ̀, ó ṣi méjì, ìyẹn sì jẹ́ 23.5. Ó wá di ojú, ó ṣẹ́ẹ̀dì 24 tó kù bó ṣe wù ú, C níbí, D lọ́hùn-ún. Mẹ́ta ló gbà nínú ìyẹn, ó ṣi 21. Máàkì mẹ́ta tó wọlé, 5.25 ló bá a jáde. Bó ṣe balẹ̀ sí 21.25 nìyẹn.

Ẹni tó bẹ̀rù jù ṣubú, ẹni tí kò bẹ̀rù rárá náà ṣubú. Ohun tó yẹ kí àwọn méjèèjì mọ̀ kò ju ìṣirò kékeré kan lọ, òun la sì fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó di ojú. Nínú ìdáhùn márùn-ún, ọ̀kan ló tọ̀nà. Bí èèyàn bá di ojú yàn níbi ìbéèrè márùn-ún, ohun tá a lè retí ni pé yóò gba ọ̀kan, yóò ṣi mẹ́rin. Ọ̀kan tó gbà fún un ní máàkì kan. Mẹ́rin tó ṣì gba 0.25 lọ́nà mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ máàkì kan. Òfo ló kù. Kì í ṣe èèṣì ni wọ́n fi yan 0.25. Wọ́n ṣírò rẹ̀ kí ìdíjú-yàn má bàa mú èrè wá, kó má sì mú àdánù wá, tá a bá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Nínú 24 tí ẹnì kejì yẹn di ojú yàn, ká ní ó rí ojú rere, tó gba márùn-ún, 0.25 péré ni ì bá fi kún ti tẹ́lẹ̀. Kò ní yege síbẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó ta tẹ́tẹ́ tí kò lérè nínú, tẹ́tẹ́ náà sì ya sí i lára.

Ẹ wá wo ẹni tó bẹ̀rù. Ní ti méjìlá tó fagi lé ìdáhùn méjì nínú wọn, mẹ́ta ló kù. Bí àwọn tó fagi lé bá jẹ́ irọ́ lóòótọ́, ó yẹ kó gba ọ̀kan nínú mẹ́ta. Nínú méjìlá, ìyẹn jẹ́ mẹ́rin. Yóò ṣi mẹ́jọ, wọ́n á yọ máàkì méjì fún un, méjì yóò kù sọ́wọ́ rẹ̀. Máàkì 24.25 ì bá di 26.25. Kódà, ká ní orí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, tó jẹ́ mẹ́ta péré ló gbà tó sì ṣi mẹ́sàn-án, máàkì mẹ́ta yóò wọlé, 2.25 yóò jáde, 0.75 yóò kù, ó sì máa pé 25 gééré. A ṣe ìṣirò ọ̀hún dé òpin: ó lé díẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gba mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku nǹkan bí ìgbà méjì nínú mẹ́wàá tí kò ní gbà tó mẹ́ta tí ìméfò náà ì bá sì dín máàkì rẹ̀ kù. Kì í ṣe ohun tó dájú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, àmọ́ ó sàn fíìfíì ju kéèyàn jókòó sórí 24.25 lọ.

Torí náà, ibi tá a dúró sí ni pé lábẹ́ òfin ìdánwò yìí, ọ̀kan nínú márùn-ún ni ààlà. Bí o bá lérò pé tó o bá méfò ìbéèrè márùn-ún irú rẹ̀, o máa gbà ju ọ̀kan lọ, méfò. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi í sílẹ̀, kó o lo àkókò rẹ̀ níbòmíì. Ìdáhùn kan ṣoṣo tó o bá yọ kúrò lọ́nà tó tọ́ ti gbé ọ kọjá ààlà náà.

Gbólóhùn tó wà níbẹ̀ ni “lọ́nà tó tọ́.” Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, ibẹ̀ la sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò tá a fi múra sílẹ̀ fún àtúnṣe ìdánwò náà.

Yíyọ ìdáhùn kúrò lọ́nà tó tọ́ túmọ̀ sí pé o lè sọ ìdí tí kò fi lè jẹ́ òun. Ẹ wo ìbéèrè kan tá a fi dánra wò. Ọkọ̀ kan dúró sójú kan, ó wá gbéra, eré rẹ̀ sì ń fi 2 m/s pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Báwo ni ibi tó rìn dé yóò ṣe jìnnà tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún? Àwọn ìdáhùn rẹ̀ nìyí: A, 10 m/s. B, 10 m. C, 25 m. D, 50 m. E, 25 m/s.

Ẹni tó wà nídìí ìbéèrè náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti gbàgbé fọ́múlà rẹ̀ pátápátá. A ní kó má fi sílẹ̀, kó sọ ohun tó mọ̀. Ó ní ọ̀nà jíjìn ni wọ́n béèrè, m/s sì jẹ́ òṣùwọ̀n eré sísá, torí náà A àti E ti lọ. Ó ku mẹ́ta. Ó ní lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, eré ọkọ̀ náà yóò ti di 10 m/s. Ká ní 10 m/s ló ti ń sá látìbẹ̀rẹ̀ ni, ì bá rin 50 m. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láti ojú kan ni, kò lè rìn tó bẹ́ẹ̀. D lọ. Ó ku B àti C. Ó wá wo ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn nìkan: ọkọ̀ náà ń bọ̀ láti 8 m/s sí 10 m/s, torí náà ó ti rìn ju 8 m lọ nínú ìyẹn nìkan. Nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó rìn ju 6 m. Méjèèjì ti ju 14 m lọ, 10 m kò lè tó o. B lọ. C ló kù, òun náà sì ni, nítorí pé ½at² níbẹ̀ yóò fún wa ní 25.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà ti wá. 50 m ni ẹni tó bá gbàgbé ½ yóò rí. 10 m ni ẹni tó bá kàn fi 2 sọ 5 di púpọ̀ yóò rí. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣàdédé kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ṣubú sí ló máa ń kọ síbẹ̀. Torí náà, pé nọ́ńbà tó o rí nínú ìṣirò rẹ wà lára àwọn ìdáhùn kò fi hàn pé o gbà á.

Oríṣi ìyọkúrò kejì ni èyí tó ń tan ni jẹ. Nígbà tá a béèrè ìdí tí kálukú wa fi ń fagi lé ìdáhùn, a gbọ́ oríṣiríṣi. “Mi ò gbọ́ orúkọ yìí rí.” “C ti pọ̀ jù, kò lè tún jẹ́ C.” “Ó sọ pé ‘gbogbo’, ohunkóhun tó bá sì ti sọ pé ‘gbogbo’ irọ́ ni.” Èyí tó kẹ́yìn yìí, láti ilé ìwé gírámà la ti gbé e wá, a sì gbà á gbọ́ bí òfin. Àmọ́ ẹ fi ẹyẹ wò ó. Gbogbo ẹyẹ ló ń fò: irọ́ ni, ògòǹgò kì í fò. Gbogbo ẹyẹ ló ń yé ẹyin: òótọ́ ni. “Gbogbo” wà nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà ò sọ nǹkan kan fún ọ, ohun tó o mọ̀ nípa ẹyẹ ló máa sọ ọ́. Ohun tí “gbogbo” dára fún ni pé ó jẹ́ kó o mọ ohun tó o máa wá: ẹyọ kan ṣoṣo tó yàtọ̀. Tó o bá rí i, fagi lé e. Tó ò bá rí i, má tíì fọwọ́ kàn án.

A fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ oríṣi méjèèjì hàn nínú máàkì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ń fi ìbéèrè àtẹ̀yìnwá dánra wò, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbikíbi tí a bá ti méfò, a ń fi àmì “?” sí i, a sì ń kọ lẹ́tà kan tì í kí a tó wo ìdáhùn. A kọ M tó bá jẹ́ pé a mọ ìdí tá a fi yọ àwọn tá a yọ. A kọ R tó bá jẹ́ pé a kàn rò bẹ́ẹ̀ ni, tàbí pé a ò gbọ́ ọ rí. A dúró nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ogójì.

Nínú ogójì M, a gba 17, a ṣi 23. Wọn ì bá yọ 5.75, 11.25 ì bá kù. Nínú ogójì R, a gba mẹ́fà, a ṣi 34. Wọn ì bá yọ 8.5, a ò bá sì fi máàkì 2.5 jìn. Ogójì kò pọ̀, a ò sì lè tìtorí rẹ̀ sọ pé R burú ju ìdíjú-yàn lọ, torí ẹni tó di ojú yàn á gba bíi mẹ́jọ nínú ogójì, mẹ́fà ò sì jìnnà sí i. Ohun tó hàn kedere ni pé gbogbo ìdáhùn tá a fagi lé lábẹ́ R kò ṣe wá láǹfààní kankan. A rò pé a ti dín márùn-ún kù sí mẹ́ta, àmọ́ inú àwọn méjì tá a jù nù ni ìdáhùn tòótọ́ sábà máa ń wà. Ó sì yéni tá a bá rò ó dáadáa. Ibi tá ò tíì kà la ti ń bá orúkọ tá ò gbọ́ rí pàdé, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè náà sì ti wá.

Láti ọjọ́ yẹn, òfin yàrá wa ò ju ẹyọ kan lọ: tó ò bá lè sọ ìdí rẹ̀ jáde lẹ́nu, o ò tíì yọ ọ́ kúrò. Ìbéèrè tó bá jẹ́ R, kà á bí èyí tó o di ojú yàn, kó o fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé òfin yìí lọ síbi ìdánwò míì láì kọ́kọ́ ka ìlànà ojú ìwé àkọ́kọ́, nítorí ààlà náà máa ń sún. Ìdánwò UTME ti Jámbù, tí gbogbo wa là kọjá, ìbéèrè 180 ni fún wákàtí méjì, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, wọn kì í sì í yọ máàkì fún àṣìṣe. Níbẹ̀, kò sí ìdí kankan láti fi àyè sílẹ̀. Kódà ìdíjú-yàn máa ń gba bí ọ̀kan nínú mẹ́rin, kì í sì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí àkókò bá ń tán mọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí láti yan nǹkan síbi gbogbo tó kù. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ṣe SAT láyé ọjọ́un náà yóò rántí pé 0.25 ni wọ́n ń yọ níbẹ̀ lórí ìbéèrè onídàáhùn márùn-ún, títí wọ́n fi fòpin sí i ní oṣù kẹta ọdún 2016. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìgbà náà ṣe ti ìsinsìnyí, ó máa fi máàkì sílẹ̀ lórí tábìlì.

Èyí tó le jù ni òótọ́-tàbí-irọ́ tí wọ́n ń yọ odindi máàkì kan fún àṣìṣe. Níbẹ̀, ìdajì ni ààlà. Tó o bá gba ọ̀kan tó o sì ṣi ọ̀kan, òfo ló kù. Kò sí ohun tó o lè yọ kúrò níbẹ̀, torí méjì péré ni wọ́n. Àfi kó o ní ohun pàtó kan tó ń tì ọ́ sí apá kan. Bó bá ṣe ọ́ bíi pé “ó jọ òótọ́” lásán, fi í sílẹ̀.

Àwọn méjèèjì ṣe àtúnṣe ìdánwò náà. Ẹni tó ní 24.25 tẹ́lẹ̀ dáhùn 43, ó gba 33, ó ṣi mẹ́wàá, ó sì ní 30.5. Ẹni tó ní 21.25 dáhùn 41, ó gba 30, ó ṣi 11, ó ní 27.25. Òun tó ti ṣẹ́ẹ̀dì gbogbo àádọ́ta ló wá fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n nígbà tóun ń fi wọ́n sílẹ̀.

A tún gbé ìwé ìbéèrè jáde, torí a ò fẹ́ tan ara wa jẹ. Ẹni àkọ́kọ́ méfò 11, ó gba márùn-ún, ó ṣi mẹ́fà, 3.5 nìyẹn fi kún ti ẹ̀. Ẹnì kejì méfò mẹ́sàn-án, ó gba mẹ́ta, ó ṣi mẹ́fà, 1.5 nìyẹn fún un. Tá a bá yọ ìméfò wọn kúrò pátápátá, ọ̀kan ì bá ní 27, èkejì ì bá ní 25.75. Àwọn méjèèjì ì bá yege síbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbé wọn kọjá. Ìméfò fi díẹ̀ lé e ni.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ti jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ní 24.25 kò ní fojú kéré díẹ̀ yẹn. Ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú àpótí wa, pẹ̀lú àwọn ilà pẹ́ńsùlù méjìlá náà. Ẹ̀yin tí ìdánwò yín ń bọ̀, ẹ fi ogójì dánra wò kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ máa kọ M àti R síbẹ̀. Tí tiyín bá yàtọ̀ sí tiwa, ẹ kọ ọ́ sí wa, a fẹ́ mọ̀.